Kìlómítà Márùn-ún Lójú Bàbá Mi

Ìta ilé wa ní Mákùn, ní Ṣàgámù, ni bàbá mi ti sọ ọ́ fún kóòṣì mi. Kóòṣì náà, obìnrin ni, ti kúnlẹ̀ kí i tán, wọ́n ti gbé àga fún un, wọ́n sì ti gbé omi tútù síwájú rẹ̀. Bàbá mi kò wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Àpò obì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ló ń wò.

"Mo gbọ́ gbogbo àlàyé yín, ìyáàfin. Ẹ máa mú un lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọmọ yìí bá tún ṣubú lórí eré, ọjọ́ náà ló parí. N kò ní bá yín jà, n kò sì ní bá òun náà jà. Ó kàn parí ni."

Kóòṣì mi ní, "Mo gbà, Alájì."

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nígbà náà, mo ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ṣàgámù, mo sì ń gbé nílé bàbá mi nítorí n kò tíì lọ́kọ. Ẹni tí kò mọ̀ wá lè rò pé ọ̀rọ̀ yẹn le jù fún àgbàlagbà obìnrin. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Mo mọ ohun tí bàbá mi rí.

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin nílé ẹ̀kọ́ gíráámà, wọ́n yàn mí láti sáré ẹgbẹ̀rin mítà fún ilé tí wọ́n pín mi sí níléèwé, níbi ìdíje eré ìdárayá. Bàbá mi wá wò mí. Oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ náà, n kò sì jẹun láàárọ̀ nítorí inú mi kò balẹ̀. Bí wọ́n ṣe yin ìbọn ni mo sá tẹ̀ lé àwọn tó wà níwájú, mo tilẹ̀ ṣíwájú wọn. Gbogbo pápá ń pariwo orúkọ ilé wa. Nígbà tí a wọ ìyípo kejì, ariwo náà jìnnà sí mi díẹ̀díẹ̀, ó dà bí ẹni pé inú kànga ni wọ́n ti ń pè mí, ojú mi sì ṣókùnkùn. Ìgbà tí mo máa lajú, ilé ìwòsàn ni mo wà, bàbá mi jókòó tì mí, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé mi sá kúrò lórí pápá, bàtà kejì sì já bọ́ lọ́nà.

Dókítà sọ fún un pé kò sí nǹkan tó ṣe ọkàn mi. Ó ní ebi ni, oòrùn ni, àti pé mo ti lo agbára mi tán kí eré tó dé ìdajì. Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, ó mú mi lọ sílé, n kò sì sáré mọ́ fún ọdún mẹ́wàá.

Ohun tó mú mi padà sídìí eré kò tó nǹkan. Ojoojúmọ́ tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń rí àwọn kan tí wọ́n ń sáré bọ̀ láti ọ̀nà pápá iléèwé, nọ́ọ̀sì wà nínú wọn, télọ̀ wà níbẹ̀, olùkọ́ wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ti hu ewú. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń sáré. Ẹ̀rín yẹn ló wọ̀ mí lára. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo dá ẹni tó ń darí wọn dúró, mo bi í bóyá wọ́n ń gba ẹni tó ti dákú rí.

Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, olùkọ́ eré ìdárayá ni, ọmọ ìjọ tó ń pa Sábáàtì mọ́ ni pẹ̀lú, nítorí náà kò sí ìdánrawò kankan lọ́jọ́ Sátidé. Ó bi mí pé:

"Kí ló mú ọ dákú?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó mi orí.

"Kì í ṣe eré ló gbé ọ ṣubú, ọmọ mi. O kò mọ ìwọ̀n ni. Ìwọ̀n ṣeé kọ́."

Lẹ́yìn tí ó wá bá bàbá mi sọ̀rọ̀ nílé, oṣù mẹ́ta ni mo fi bá wọn ṣe ìdánrawò. Lẹ́yìn náà ni ìròyìn dé pé wọ́n máa sá eré kìlómítà márùn-ún kan ní Ìkẹ́nnẹ́, ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ẹnikẹ́ni ló lè sá a. Kóòṣì kọ orúkọ mi sílẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, nígbà tí a parí ìdánrawò, ó fún mi ní àpòòwé kan. Ó ní gbogbo ẹni tuntun lòun máa ń kọ ọ́ fún. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, rí i lọ́wọ́ mi, ó bú sẹ́rìn-ín. "Tèmi wà nílé o," ni ó wí. "N kò kà á dé ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń sáré, wọn kì í fi ìwé sá a."

Èmi kà á dé ìsàlẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

*Ọmọ mi,*

*Mo kí ọ, mo sì kí àwọn ará ilé. Ka ìwé yìí lẹ́ẹ̀mejì kó tó di ọjọ́ Àìkú, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo bá fi ẹnu sọ lórí pápá, atẹ́gùn a máa gbé e lọ.*

*Ẹ máa ń gbọ́ tí mo ń pariwo péèsì, péèsì. Péèsì ni iye ìṣẹ́jú tí o fi ń sá kìlómítà kan. Bí mo bá ní péèsì rẹ jẹ́ mẹ́fà, ohun tí mo ń wí ni pé ìṣẹ́jú mẹ́fà ló ń gbà ọ́ láti sá kìlómítà kan. Ẹni tuntun máa ń ṣi èyí mú: bí nọ́ńbà náà bá ṣe ń kéré sí i ni eré rẹ ń yára sí i. Péèsì márùn-ún yára ju péèsì mẹ́fà lọ.*

*Báwo ni a ṣe mọ iye tí ó yẹ kí o fi sá a? Ara rẹ ló sọ fún mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, o sá kìlómítà mẹ́ta fún mi lórí pápá, ìyípo méje ààbọ̀, pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún àti sẹ́kọ́ǹdì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni aago mi kà. Pín in sí mẹ́ta, wà á rí ìṣẹ́jú márùn-ún àti sẹ́kọ́ǹdì márùndínláàádọ́ta fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n márùn-ún gùn ju mẹ́ta lọ, kò sì sí ẹni tó lè mú eré ọ̀nà kúkúrú lọ sí ọ̀nà gígùn láì dín in kù. Mo fi sẹ́kọ́ǹdì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó di ìṣẹ́jú mẹ́fà gééré. Ìlọ́po márùn-ún rẹ̀ jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àkókò tí à ń lé nìyẹn, kì í ṣe ìlérí. Bí o bá lé e bá, ó dáa. Bí o kò bá lé e bá, tí o sì sá a bí mo ṣe wí, ó dáa bákan náà.*

*Ó ku sípílíìtì. Iye tí o fi sá kìlómítà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ohun tí wọ́n máa ka sí ọ létí lójú ọ̀nà ni àpapọ̀, láti ìgbà tí ìbọn ti dún. Ìwọ ni wà á yọ ti àtẹ̀yìnwá kúrò nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ mẹ́fà ní àkọ́kọ́, tí ó di méjìlá àti sẹ́kọ́ǹdì mẹ́wàá ní ẹ̀kejì, a jẹ́ pé o fi ìṣẹ́jú mẹ́fà àti sẹ́kọ́ǹdì mẹ́wàá sá ẹ̀kejì. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ni mẹ́fà, méjìlá, méjìdínlógún, mẹ́rìnlélógún, ọgbọ̀n. Wà á sá lọ, wà á yí àgbá tí wọ́n gbé sí ìdajì ọ̀nà po, wà á sì gba ojú ọ̀nà kan náà padà. Nítorí náà, ibi tí ó jẹ́ kìlómítà kìíní ní àlọ ni ó jẹ́ ẹ̀kẹrin ní àbọ̀, ibi ẹ̀kejì sì ni ẹ̀kẹta. Èmi máa wà níbi ẹ̀kejì pẹ̀lú aago.*

*Kìlómítà àkọ́kọ́ ni ọ̀tá rẹ. Ara rẹ máa fúyẹ́, ó máa dà bí ẹni pé o lè fò. Má gbà á gbọ́. Gbogbo ènìyàn máa fi ọ́ sílẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n lọ. Bí wọ́n bá ka iye tó kéré sí ìṣẹ́jú márùn-ún àti sẹ́kọ́ǹdì márùndínláàádọ́ta sí ọ létí, dẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, nítorí èémí tí o bá jẹ ní gbèsè níbẹ̀, kìlómítà kẹrin ló máa gbà á lọ́wọ́ rẹ. Bí o bá sì pẹ́, má gbìyànjú àtirí gbogbo rẹ̀ gbà padà lẹ́ẹ̀kan náà. Pín in káàkiri àwọn tó kù.*

*Níbi òkè, má wo eré, èémí ni kí o wò. Jẹ́ kí ó rí bákan náà bó ṣe rí ní ilẹ̀ títẹ́jú. Eré máa dín kù, kò burú, wà á rí díẹ̀ gbà padà nígbà tí o bá ń sọ̀ kalẹ̀. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá o ń sá a dáadáa títí dé ìdajì, sọ gbólóhùn kan jáde lẹ́nu. Bí o bá lè sọ ọ́ tán láì já a sí méjì, o ṣì ní nǹkan nínú.*

*Jẹ búrẹ́dì, mu tíì, ó kéré tán wákàtí méjì kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bí ojú rẹ bá ṣókùnkùn tàbí tí àyà bá dùn ọ́, dúró, kí o jókòó. Kò sí aago kan láyé tó tó ẹ̀mí ènìyàn.*

*Èmi ni, kóòṣì rẹ.*

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì bó ṣe wí, mo tún kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Gbólóhùn kan ni ojú mi ń padà sí: *Gbogbo ènìyàn máa fi ọ́ sílẹ̀.* Bàbá mi máa wà níbẹ̀. Ó ti sọ pé òun máa bá mi lọ, òun kò sì ní ran ẹlòmíì. Ó máa rí i tí gbogbo ènìyàn fi mí sílẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, mo jẹ búrẹ́dì mi, mo mu tíì. Bàbá mi fi ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tó fi ń kó obì gbé mi. Láti Ṣàgámù títí a fi dé Ìkẹ́nnẹ́, tẹ̀sùbáà ló ń kà lọ́wọ́ kan, ó ń fi ìkejì wakọ̀. Nígbà tí mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó di aṣọ mi mú.

"Ṣé o jẹun?"

"Mo jẹun, Bàbá."

"Tí o bá rí i pé kò rọgbọ, má tijú ẹnikẹ́ni. Èmi wà lẹ́yìn rẹ."

N kò mọ̀ nígbà náà pé ohun tó ní lọ́kàn gan-an ló sọ.

Èrò pọ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń fò sókè, wọ́n ń na ẹsẹ̀. Èmi wọ ṣòkòtò gígùn, mo fi gèlè kékeré di orí mi pinpin, nọ́ńbà mi sì wà láyà. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wa dúró níwájú pátápátá láàárín àwọn ọkùnrin, ó juwọ́ sí mi. Mo lọ dúró lẹ́yìn.

Ìbọn dún. Ó dà bí ìgbà tí omi ya ògiri. Gbogbo wọn lọ. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ bá wọn lọ, mo sì ní láti fi agbára dá a dúró, bí ẹni tó ń fa ewúrẹ́ lókùn. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ọjà, ìyá àgbà kan tó ró ìró lé ṣòkòtò ti kọjá mi. Àwọn ọmọdé tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà ń kígbe pé, "Àǹtí, wọ́n ti lọ o! Àǹtí, ẹ sáré!" Mo wẹ̀yìn. Ènìyàn mẹ́rin péré ló kù lẹ́yìn mi.

Ọkùnrin tó wà níbi kìlómítà kìíní ń ka aago bí ẹni ń polówó ọjà. "Ìṣẹ́jú mẹ́fà, sẹ́kọ́ǹdì mẹ́wàá! Mọ́kànlá! Méjìlá!" Mo kọjá rẹ̀ ní méjìlá.

Mo ti pẹ́. Inú mi bàjẹ́ lójijì. Mo ti fi gbogbo ìtìjú yìí ra ohun tí n kò rí gbà. Ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í yára fúnra rẹ̀. Nígbà náà ni mo rántí pé kí n pín in. Sẹ́kọ́ǹdì méjìlá, kìlómítà mẹ́rin: mẹ́ta mẹ́ta ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ni sẹ́kọ́ǹdì mẹ́ta? Mo dẹ̀ ẹ́ padà.

Lẹ́yìn ibẹ̀ ni òkè náà bẹ̀rẹ̀. Òkè tí ènìyàn kì í kà sí nínú ọkọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó gùn. Mo gbójú sílẹ̀, mo ń gbọ́ èémí mi. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ kóòṣì, ó tẹjú mọ́ aago, kò rẹ́rìn-ín. "Méjìlá àti ogún. Òkè ni. Ó dáa. Má ṣe nǹkan kan." Mo ti pàdánù sẹ́kọ́ǹdì mẹ́jọ sí i. Mo kọjá lọ.

N kò tíì sá tó igba mítà tí mo gbọ́ ìró ọkọ̀ lẹ́yìn mi. N kò ní láti wẹ̀yìn. Mo mọ ìró ọkọ̀ náà láti kékeré. Ọlọ́pàá ti ń dá ọkọ̀ dúró níbi ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá mi ti ń ra obì káàkiri gbogbo abà agbègbè yẹn fún ogójì ọdún, ó mọ ọ̀nà oko tó yọ síbẹ̀. Píkọ́ọ̀pù náà dé ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń rọra yí bọ̀. Bàbá mi na ọrùn jáde lójú fèrèsé.

"Ó tó! Wọlé!"

Mo mi orí.

"Mo ní kí o wọlé! O ti kù sẹ́yìn, ó ti rẹ̀ ọ́, mo rí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣé kí n tún fi ọwọ́ mi gbé òkú ọmọ ni?"

Ohùn rẹ̀ ti yí padà. N kò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Kí n tó rí ohun tí mo máa sọ, ọkùnrin kan lórí ọ̀kadà, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣètò eré, yọ sí wa. Ó tọ́ka sí àyà mi.

"Nọ́ńbà yìí, ta ló ni ọkọ̀ tó ń bá ọ lọ? Kò sí ẹni tí ọkọ̀ ń sin. Bí ó bá fi bá ọ dé ibi àgbá tí ẹ ti máa yí padà, mà á já nọ́ńbà yẹn kúrò láyà rẹ."

Mo ń rí àgbá náà lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n kun ún ní funfun. Bí mo bá dúró láti bẹ bàbá mi, eré ti bàjẹ́. Bí n kò bá dúró tí kò sì padà, wọ́n máa lé mi. Bí mo bá wọ inú ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ ti parí nìyẹn, a kò ní tún sọ ọ́ mọ́. N kò kọ ọ̀rọ̀ sí bàbá mi lẹ́nu rí láyé mi. Mo kọjú sí i, mo sì ń sá lọ.

"Bàbá, ẹ dákun, kóòṣì ló ní kí n rọra sá a báyìí, kò rẹ̀ mí, ẹ padà lọ bá wọn níbi tí wọ́n dúró sí pẹ̀lú aago, kí ẹ bi wọ́n fúnra yín."

Ìgbà tí mo sọ ọ́ tán ni mo tó gbọ́ ohun tí mo sọ. Gbólóhùn gígùn ni. N kò já a sí méjì. N kò já a rárá. Mo ṣì ní nǹkan nínú.

Bàbá mi ṣì na ọrùn síta. Ó ń wò mí. Ọlọ́kadà náà ń fọn fèrè ẹnu rẹ̀. Mo gbójú mọ́ àgbá funfun náà, n kò wo ẹ̀gbẹ́ mọ́, mo ń ka ìṣísẹ̀ mi kí n má bàa sunkún. Nígbà tó yá, ìró ọkọ̀ náà ròkè, ó sì dín kù. N kò mọ̀ bóyá ó dúró tàbí ó ń bọ̀. Mo dé ibi àgbá, mo yí i po, mo kọjú sí ibi tí mo ti wá. Ojú ọ̀nà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, àwọn mẹ́rin tó wà lẹ́yìn mi nìkan ló ń sáré bọ̀. Píkọ́ọ̀pù bàbá mi wà lọ́nà jíjìn, ó ti kọ ìdí sí mi, ó ń lọ.

Nígbà tí mo padà dé ibi kìlómítà kejì, tí ó ti wá di ẹ̀kẹta, wọ́n ti gbé ọkọ̀ náà sínú koríko. Bàbá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòṣì, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó ká a mọ́wọ́. Kóòṣì na aago náà sí i, ó ní kí ó kà á fún mi. Ó rọra kà á.

"Méjì... méjìdínlógún. Sẹ́kọ́ǹdì méjìlélógún."

"Ẹ bá a ṣe ìṣirò rẹ̀, Alájì," ni kóòṣì wí, ṣùgbọ́n èmi ni ojú rẹ̀ wà lára. "Mẹ́fà àti sẹ́kọ́ǹdì méjì. Ó ti padà sójú rẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ ló kàn. Máa lọ!"

Mo sọ̀ kalẹ̀. Ara mi ti gbóná wàyí, ẹsẹ̀ mi ti rí ibi tó ń lọ. Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ènìyàn. Ìyá àgbà oníṣòkòtò ni mo kọ́kọ́ kọjá, ó sì súre fún mi. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tẹ̀ lé e, wọ́n ti ń rìn. Níwájú díẹ̀ mo rí akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì wa, ó ti gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, ó ń rìn gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì. Mo dẹ ẹsẹ̀.

"Ṣé kí n pe ènìyàn?"

Ó mi orí. "Ìhà... ló ń... Máa lọ."

Mo sọ fún ọkùnrin tó ń ka aago níbi kìlómítà kẹrin pé kó fojú sí i. Ó ní òun ti rí i. Ó ka tèmi: ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún, sẹ́kọ́ǹdì méjìdínlógún. Ó ku kìlómítà kan. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún àti sẹ́kọ́ǹdì méjìlélógójì kí ọgbọ̀n tó pé. N kò sá kìlómítà kan báyẹn rí lẹ́yìn tí mo bá ti sá mẹ́rin.

Èyí tó kù yìí kò sí nínú lẹ́tà. Mo jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi lọ. Fún ìdajì àkọ́kọ́, ó dùn. Lẹ́yìn náà ni àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í jó bí ẹni pé mo gbé ata mì. Ariwo àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, mo sì ń bẹ̀rù ohun kan ṣoṣo: kí ariwo náà má jìnnà sí mi. Mo ń tẹ́tí sí i. Bí mo ṣe ń gbé ẹsẹ̀ ni mo ń bi ara mi pé, ṣé mo ṣì ń gbọ́ wọn? Mo ń gbọ́. Obìnrin kan ń pe ọmọ rẹ̀. Ẹnì kan ń lu garawa. Ṣé mo ṣì ń rí òrùlé tó wà níwájú yẹn? Mo ń rí i, páànù rẹ̀ ti dípẹtà. Ariwo náà ń pọ̀ sí i ni. Kò jìnnà. Mo gba orí ìlà tí wọ́n fi ẹfun fà kọjá, mo tún sá lọ bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kí n tó mọ̀ pé ó ti tán.

Mo tẹ̀ síwájú, mo gbé ọwọ́ lé orúnkún. Ilẹ̀ kò yí. Mo dúró lórí ẹsẹ̀ mi méjèèjì.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àti sẹ́kọ́ǹdì mẹ́rin ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún mi.

Kóòṣì dé pẹ̀lú bàbá mi nínú píkọ́ọ̀pù nígbà tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì wa ti wọlé fúnra rẹ̀ lẹ́yìn mi, ó jókòó sílẹ̀, ó ń mu omi. Mo rò pé kóòṣì máa sọ̀rọ̀ nípa sẹ́kọ́ǹdì mẹ́rin yẹn. Ó gba ìwé lọ́wọ́ àwọn tó kọ ọ́, ó wò ó, ó fi ìka tọ́ sí ibì kan.

"Kìlómítà ìkẹyìn lo sá yára jù lọ nínú márààrún. Mo ti ń kọ́ ènìyàn ní eré tipẹ́, kì í sábà rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń sá eré rẹ̀ àkọ́kọ́." Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ohun tí bàbá rẹ wá bi mí ni pé ṣé irọ́ lo ń pa pé kò rẹ̀ ọ́. Mo bi wọ́n pé báwo lo ṣe sọ ọ́. Wọ́n tún un sọ fún mi, odindi. Mo ní, Alájì, ẹni tó bá fẹ́ dákú kò lè sọ gbogbo ìyẹn tán."

Bàbá mi dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń wo ẹsẹ̀ mi. Ó wá sọ́dọ̀ mi, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mi níwájú orí bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé tí ibà bá mú mi.

"Ojú rẹ kò ṣókùnkùn?"

"Kò ṣókùnkùn, Bàbá."

"Nígbà tí mo fi ọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn, mo rò pé..." Ó wo ọ̀nà ibòmíràn. "Lọ́jọ́ ti iléèwé yẹn, kí n tó gbé ọ dé ọkọ̀, o kò mí. Èmi kò gbọ́ kí o mí. Dókítà ní irọ́ ni, ó ní ò ń mí. Ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé etí lé àyà rẹ."

Ọdún mẹ́wàá ni a ti jọ ń gbé inú ilé kan náà lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, kò sọ ọ́ fún mi rí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo jẹ́ kó gbọ́ èémí mi, tó ṣì ń lọ sókè sódò nígbà náà.

Kò dá mi dúró mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Mo sá ọ̀pọ̀ eré kí n tó lọ́kọ, mo sì tún sá lẹ́yìn tí mo lọ́kọ. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò wá wo ọ̀kankan mọ́. Ó sọ fún kóòṣì pé òun gba ìṣirò rẹ̀ gbọ́, pé àyà òun ni kò gbà á. Ọjọ́ tí mo bá ní eré, ó máa ń gba oko lọ láti àárọ̀, ìyá mi á sì gbé oúnjẹ rẹ̀ pamọ́, nítorí ó mọ̀ pé kò ní fẹnu kàn án títí mà á fi wọlé.